Aago ta ni? Ìkéde iṣẹ́ àtilé-ṣe kan láti Houston sí Ìbàdàn

Obìnrin tó ni iṣẹ́ yìí, ọmọ Ìbàdàn ni, Houston ló ń gbé. Aṣọ òkè ló ń tà lórí ayélujára fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣègbéyàwó ní Amẹ́ríkà. Orí Shopify ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, inú Google Sheets ló ń kọ ọ́dà àti ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, WhatsApp ló sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló ń dá a ṣe títí di ìparí ọdún 2024. Nígbà tó rí i pé òun ń dáhùn ìbéèrè lórí fìlà àti ìpèlé títí di aago 1 òru, ó ní òun á wá ẹnìkan nílé tí yóò máa bá òun ṣe wákàtí mẹ́rin lójúmọ́.

Ìbàdàn ló fẹ́ kí ẹni náà wà, ó sì nídìí. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ fi ń bá a dúnàádúrà. Bí ìyàwó bá ní sányán lòun fẹ́, tí ẹni tó ń gba ọ́dà kò mọ sányán yàtọ̀ sí àláárì, ó lè kọ ọ́ lódì, aṣọ á sì ti kúrò lórí òfì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Èmi máa ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké wá òṣìṣẹ́ n'Ìbàdàn, àmọ́ kò kọ́kọ́ pè mí. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ kejì fi í sílẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 2025 ló tó pè. Ohun tí mò ń kọ síbí, mo rí i nínú àwọn ìkéde rẹ̀ àtijọ́, nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi hàn mí, àti lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n gbà láti bá mi sọ̀rọ̀.

Ìkéde àkọ́kọ́, ti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun ń wá òṣìṣẹ́ páàtì-táìmù tí yóò máa ti ilé ṣiṣẹ́, aago 9 sí aago 1, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Kó mọ Shopify, Slack, Trello, Canva àti Excel. Owó oṣù jẹ́ dọ́là 200, òun á sì san án lọ́nà tó bá rọrùn. Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ tún un kà, kí ẹ wá bi ara yín pé aago 9 ta ni?

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan ní Bodija ló gba iṣẹ́ náà. Ìdí tó fi tọrọ rẹ̀ ni pé aago 9 sí aago 1 ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wà nílé ìwé. Ó ti ka ìkéde náà bí ẹni tó wà n'Ìbàdàn ṣe máa kà á. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀. Aago 9 àárọ̀ kù díẹ̀, ó jókòó sídìí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀gá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Shopify ní òun á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni ìsọ̀ kó tó lè wọlé. Ní Houston, aago 2 òru ni. Fóònù dún lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ta jí, ó rí i pé ẹnìkan ń gbìyànjú láti wọ ìsọ̀ òun láti ìlú mìíràn, àyà rẹ̀ já, ó sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lójú ẹsẹ̀. Ìyá Bodija jókòó síwájú láàpútọ́ọ̀pù títí di aago 1 ọ̀sán, kò rí ẹni dá a lóhùn.

Wọ́n làjà ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kó máa wọlé láago 4 ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn, tó jẹ́ aago 9 àárọ̀ Houston, kó sì máa parí láago 8 alẹ́. Ó gbà nítorí ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n aago 4 sí aago 8 ni àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé, oúnjẹ alẹ́ wà níná, iṣẹ́ àṣetiléwá wà lórí tábìlì. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ kan lòun fi ń ro àmàlà, òun sì ń fi èkejì dáhùn ìbéèrè lórí gèlè.

Owó ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó gbà á ní ọjọ́ púpọ̀ kó tó ṣí àkáǹtì dọ́là, nítorí báńkì ní kó mú onígbọ̀wọ́ méjì wá. Ọ̀gá gba báńkì tirẹ̀ lọ, ó fi dọ́là 200 ránṣẹ́ tààrà, báńkì sì gba ju dọ́là 40 lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfiránṣẹ́. Ohun tó wọ àkáǹtì Bodija jẹ́ dọ́là 178. Ọ̀gá mọ̀ pé òun ná ju 240 lọ. Òṣìṣẹ́ mọ̀ pé 200 ni wọ́n jọ ṣàdéhùn. Kálukú wọn rò pé ẹnì kejì ń rẹ́ òun jẹ.

Owó tó sọnù yẹn kò sí lọ́wọ́ ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Bí owó bá ń ti báńkì Amẹ́ríkà bọ̀ wá sí báńkì Nàìjíríà, ó lè gba ọwọ́ báńkì kan tàbí méjì láàárín kọjá, ìyẹn náà sì máa ń yọ tiwọn. Lórí fọ́ọ̀mù ìfiránṣẹ́, àyè kan wà tí wọ́n ti máa ń béèrè ẹni tí yóò ru owó iṣẹ́ náà. Bí èèyàn bá mú `OUR`, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ló rù ú. Bó bá mú `SHA`, wọ́n pín in, ẹni tó ń gbà á á rí i pé owó òun dín. Ọ̀gá kò kíyè sí àyè náà rárá, `SHA` ló sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ga ju ìyẹn lọ: iye kan náà ni báńkì ń gbà, ìbáà jẹ́ dọ́là 200 tàbí 5,000. Lórí 5,000, kò ṣe nǹkan kan. Lórí owó oṣù páàtì-táìmù, ohun tó lọ ju ìdá kan nínú márùn-ún owó náà lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ irú ìkéde yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó kọ ọ̀nà ìsanwó sílẹ̀.

Ìyá Bodija fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí Kérésì tó dé.

Ìkéde kejì, ti oṣù Kìíní ọdún 2025, sàn jù ú lọ. Ọ̀gá ti gbọ́n. Ó kọ ọ́ gbangba pé aago 4 sí aago 8 alẹ́, aago Nàìjíríà. Ní ti owó, ó ní àbúrò òun tó wà ní Ring Road ni yóò máa san án ní náírà. Ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ kan ló mú. Ilé ìwé rẹ̀ wà ní Mọ́níyà, ilé rẹ̀ wà ní Àpáta, aago 2 ààbọ̀ ló ń jáde lẹ́nu iṣẹ́. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjòó àti Sángo bá ṣe é ní búburú jù, aago 4 kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń dé ilé. Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ pọ̀ láìsí ìjà. Ọ̀gá sọ fún mi pé òun ti ń ronú àtifi dọ́là 50 kún owó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́ńdè ọjọ́ 10 oṣù Kẹta dé.

Ní aago 9 àárọ̀ Houston, ọ̀gá ṣí fóònù, ó kọ̀wé sí ọmọkùnrin náà, kò rí èsì. Ó pè é. Inú takisí Máíkírà ló wà ní Sángo, àwọn mẹ́ta há mọ́ ara wọn lẹ́yìn, ariwo kọ́ńdọ́ àti ti fèrè ọkọ̀ ń wọ inú fóònù. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ara wa ò tíì balẹ̀, mo ń bọ̀ nílé." Ọ̀gá wo aago rẹ̀: 9 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọkùnrin náà wo tirẹ̀: 3 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá rò pé ó ti pẹ́. Òun sì rò pé ó ṣì ku ìṣẹ́jú 50 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì yé e ìdí tí ohùn ọ̀gá fi le. Bí ó ṣe rí ní Túsìdè nìyẹn, àti ní Wẹ́sìdè. Ní Fúráìdè, ọ̀gá kọ ọ́ sí i pé "o ti ń dẹjú", ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún wọra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, wọ́n á sì dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Nàìjíríà kì í sún aago rárá. Ìyẹn ni pé láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, wákàtí méje ló wà láàárín Ìbàdàn àti Houston, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, wákàtí mẹ́fà ni. Aago fóònù ọ̀gá sún fúnra rẹ̀ lóru, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti kúrò n'Ìbàdàn, ó ti gbàgbé pé ibẹ̀ kì í sún. Ọmọkùnrin náà kò gbé òkè òkun rí, kò sì sí ìdí tí yóò fi mọ̀ pé ibòmíì ń sún.

Nígbà tí wọ́n mọ̀, ó ti bàjẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ láago 3, kò sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ń ti Mọ́níyà bọ̀. Ọ̀rọ̀ náírà tún dé lé e. Láti oṣù Kìíní ni àbúrò ọ̀gá ti ń ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà, ìyẹn 300,000. Lóṣù Kẹrin, dọ́là ti tó nǹkan bí 1,600, ọmọkùnrin náà sì ṣírò pé òun pàdánù 20,000. Àbúrò ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí lòun ń san. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọkùnrin náà lọ.

Ìgbà yìí ló pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ẹni tó ṣeé gbọ́kàn lé." Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìkéde kọ, nítorí àwọn méjèèjì tó lọ yẹn ṣeé gbọ́kàn lé. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Wákàtí la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ṣí gbogbo ohun tí òun àti olùkọ́ yẹn kọ síra wọn ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejì, ká wá sààmì sí èyí tí kò lè dúró di wákàtí méjì sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ "mo ti ṣe é mà" àti "o ṣé". Àwọn tí kò lè dúró ni ti oníbàárà tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín owó kù, ti owó tí wọ́n fẹ́ dá padà, àti ti ìwọ̀n tí kò bára mu. A kó gbogbo wọn jọ, kò kún wákàtí kan lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin gbáko ló ti ń fi dandan mú kí wọ́n jọ wà, nígbà tí wákàtí kan tó. Mo ń pe èyí ní wákàtí àjọwà, ó sì yàtọ̀ sí wákàtí iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ iye wákàtí iṣẹ́ sínú ìkéde láìkọ àjọwà, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ á máa rò ó lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

A fi ìlàjì wákàtí kún un, ó di wákàtí kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà la wá béèrè pé ìlú ta ni ká kàn án mọ́. Mo dá a lábàá pé ká kàn án mọ́ Ìbàdàn: aago 5 sí aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn á jẹ́ aago 11 sí 12 ààbọ̀ ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, á sì di aago 10 sí 11 ààbọ̀ nígbà òtútù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi tí mò ń sanwó ni màá máa sún?" Mo ní, "Àbúrò, aago tìẹ ló ń sún. Ti Ìbàdàn dúró síbi tó wà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Òun ló ni òwò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dè é mọ́ ilé iṣẹ́, ó rọrùn fún un láti sún wákàtí kan ju ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá ni, tí ìpàdé wọn ti wà láago 9 wọn lọ́jọ́ gbogbo, à bá kàn án mọ́ Houston, ṣùgbọ́n a máa kọ aago Ìbàdàn méjèèjì sínú ìkéde, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìkan yóò di èkejì, kí ẹni tí kò lè ṣe ọ̀kan nínú wọn má wulẹ̀ tọrọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá Lọ́ńdọ̀nù ṣe kò ní ìṣòro tó báyìí, wákàtí kan péré ni nígbà òtútù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn aago wọn àti tiwa dọ́gba. Àmọ́ ọjọ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà: Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń sún un.

Wákàtí méjì ààbọ̀ tó kù, a jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú un níbi tó bá wù ú láàárín aago 8 àárọ̀ àti aago 5. Èyí ló tilẹ̀ dára jù fún òwò náà. Alẹ́ ni àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà máa ń kọ̀wé, òru ni lọ́dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ á dáhùn láàárọ̀ Ìbàdàn, wọ́n á bá èsì lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá jí.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kò gbà wá lásìkò. Mo ní kó fi fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ hàn mí, ká wo ohun tó ṣí lọ́sẹ̀ yẹn. Shopify, Google Sheets, WhatsApp. Trello, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Slack, kò lò ó rí. Canva, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lò ó. Inú ìkéde ẹlòmíràn ló ti da orúkọ wọn kọ. Èyí burú ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ẹni tó jẹ́ olóòótọ́, tó mọ mẹ́ta nínú márùn-ún, kò ní tọrọ iṣẹ́ náà, ẹni tí kò mọ ìkankan á kọ ọ́ pé òun mọ gbogbo rẹ̀. Shopify, Google Sheets àti WhatsApp nìkan la kọ sínú ìkéde, a sì kọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. A kọ ọ́ náà pé òṣìṣẹ́ yóò ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí Shopify, pẹ̀lú àṣẹ láti rí ọ́dà nìkan, kí fóònù ẹnikẹ́ni má tún dún láago 2 òru mọ́.

Ní ti owó, a fi báńkì tààrà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́ wá sílé ló gbà láti lò, èyí tó máa ń wọ àkáǹtì náírà lásán, tó sì ń fi iye náírà tí yóò dé han ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìkéde náà ṣe rí nígbẹ̀yìn rèé:

> A ń wá ẹni tí yóò máa gba ọ́dà aṣọ òkè: páàtì-táìmù, láti ilé, Ìbàdàn
>
> Wákàtí: mẹ́rin lójúmọ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. A ó jọ wà lórí WhatsApp láago 5 sí aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà, ní gbogbo ọdún. Wákàtí méjì ààbọ̀ tó kù, mú un nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn láàárín aago 8 àárọ̀ àti aago 5 ìrọ̀lẹ́.
>
> Bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní wákàtí àjọwà: fi tẹ́ẹ̀sì lásán ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 15. Wàá san wákàtí náà padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lóṣù, a ó jọ jókòó sọ ọ́.
>
> Irinṣẹ́: WhatsApp fún oníbàárà, Google Sheets fún ìwọ̀n, Shopify fún wíwo ọ́dà. Bí o kò bá mọ Shopify, a ó kọ́ ọ fún ọjọ́ méjì tí a ó san owó rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tìrẹ ni wàá lò. A ó máa fi 10,000 náírà kún owó oṣù fún dátà.
>
> Owó: dọ́là 200 lóṣù. Náírà ni yóò wọ àkáǹtì báńkì rẹ, iye tí áàpù ìfowóránṣẹ́ bá ṣẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ tí a fi ránṣẹ́. A ó fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ tiwa. Ọjọ́ 28 oṣù ni. Bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, Fúráìdè tó ṣáájú. Ní oṣù àkọ́kọ́, a ó san ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.
>
> Bí o ṣe máa tọrọ rẹ̀: kọ ìlà márùn-ún ní Yorùbá, sọ bí wàá ṣe ṣàlàyé ìyàtọ̀ ẹtù, sányán àti àláárì fún oníbàárà. Sọ wákàtí tí ọwọ́ rẹ kì í dilẹ̀. A kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Mo ta kú lórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ àtilé-ṣe níbí ti sanwó fọ́ọ̀mù fún jìbìtì tó pọ̀, ẹni tó mọ nǹkan sì máa ń fò ìkéde tó bá fi dọ́là lọni láìsọ ọ̀nà tí dọ́là yóò gbà wọlé.

Ìkéde àkọ́kọ́ ti mú èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún wá. Èyí mú 23 péré, ọ̀gá sì pè mí pé bóyá a ti lé àwọn èèyàn sá. Mo ní kó kà wọ́n. Mẹ́rìnlá nínú wọn ti sọ fúnra wọn wákàtí tí ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀, kò sì kọlu wákàtí àjọwà tiwa. A fún mẹ́ta ní ìdánwò wákàtí kan, a san 5,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbà á jẹ́ obìnrin kan ní Akóbọ̀, tó ń rán aṣọ láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹfà.

Kì í ṣe pé kò sí wàhálà mọ́. Lóṣù Kẹjọ, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní wákàtí àjọwà, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì gbé ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n jókòó sọ ọ́ bí ìkéde ṣe wí. Ọ̀gá yá a lówó bátìrì tuntun, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Náírà tó ń wọlé náà kì í dọ́gba lóṣooṣù, ó sì ti dín kù rí, ṣùgbọ́n rìsíìtì wà níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, Amẹ́ríkà dá aago wọn padà. Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ní Mọ́ńdè, ó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ n'Ìbàdàn, obìnrin Akóbọ̀ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ṣí WhatsApp, ó kọ "Ẹ káàárọ̀ mà". Ní Houston, aago 10 àárọ̀ ni. Ọ̀gá ti wà níbẹ̀.